Balùwẹ̀ òkè tó ń jò

"Ẹ jọ̀ọ́, táílà mi ní símẹ́ǹtì funfun tóun máa fi dí àárín táìlì ti tó, pé omi ò ní jò sísàlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Irọ́ ni o bọ̀dá mi. Símẹ́ǹtì yẹn ń mumi, abẹ́ táìlì lẹ ti máa dí i. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ kọ́kọ́ dagẹ̀rẹ̀ síbi ihò omi, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ wá kun wọtapurúùfù lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì á dábùú ti àkọ́kọ́, kó sì gun ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15, ibi ṣáwà gan-an kó ga ju orí èèyàn lọ. Igun ògiri àti ìdí páìpù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, torí ibẹ̀ ló máa ń sán, ẹ tẹ aṣọ nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kí kíkùn àkọ́kọ́ tó gbẹ.

Tó bá ti gbẹ pátápátá, ẹ dí ihò omi, ẹ rọ omi sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ lọ wo sílìn ìsàlẹ̀. Èmi ò dán tèmi wò, kò pẹ́ tá a to táìlì tán ni sílìn pálọ̀ yọ àbàwọ́n bíi tíì, àṣé ìdí páìpù ni, gbogbo táìlì ibẹ̀ la fọ́ 😩