Rìgírẹ́ṣàn lọ́jísíìkì àti pípín sí ìsọ̀rí

Wọ́n ń pe rìgírẹ́ṣàn lọ́jísíìkì ní rìgírẹ́ṣàn, ìyẹn ọ̀nà ṣíṣírò nọ́ńbà, kí ló dé tó jẹ́ pé ìsọ̀rí ló ń pín nǹkan sí? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣírò àṣìṣe rẹ̀?

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ń ṣírò: z = wx + b, níbi tí x ti jẹ́ dátà tí a fún un, tí w àti b sì jẹ́ nọ́ńbà tó ń kọ́ látinú dátà. Lẹ́yìn náà, p = 1/(1+e^(−z)) á sọ ọ́ di ìṣeéṣe láàárín 0 àti 1. Àwa la ń fi ààlà sí i, 0.5 lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di ìsọ̀rí.

Bí z bá jẹ́ 2, p á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.88. Tí y, ìdáhùn tòótọ́, bá jẹ́ 1, àṣìṣe rẹ̀ ni −ln(0.88), bíi 0.13. Tó bá jẹ́ 0, −ln(0.12) ni, bíi 2.12: ìyà tó tọ́ sí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà tó sì ṣì í. Má fi (p − y)² rọ́pò rẹ̀. Níbi tí p ti ṣìnà jù, ìdagẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 0, w ò sì ní yí mọ́.