Ẹ́ńtírọ́pì irin gbígbóná nínú omi tútù

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ju irin gbígbóná sínú omi tútù, èló ni ẹ́ńtírọ́pì gbogbo àgbáálá ayé máa fi yí padà?

Ẹ́ńtírọ́pì, ìyẹn òṣùwọ̀n bí agbára ṣe fọ́n ká tó, máa pọ̀ sí i ni, ìyípadà rẹ̀ kò lè jẹ́ òdo, kò sì lè dín kù. Ti irin ń dín kù lóòótọ́ torí ó ń tutù, àmọ́ èyí tí omi ń jèrè ju èyí tí irin pàdánù lọ, torí iye ooru kan náà ni, ibi tó tutù ló sì ń bọ́ sí.

Ká ní irin kílò 1 ni, ó wà ní 370 K, omi jẹ́ lítà 2 ní 300 K. Kílò irin kan ń gba nǹkan bíi 450 J kó tó gbóná sí i ní dígírì kan, lítà omi méjèèjì ń gba 8360 J. Àwọn méjèèjì á pàdé ní bíi 303.58 K. Fọ́múlà rẹ̀ nìyí, m c ni iye ooru tí nǹkan ń gbà fún dígírì kan, T1 ni ìgbóná ìbẹ̀rẹ̀, T2 ni ti ìparí:

```
ΔS = m c ln(T2/T1)
irin: 450 ln(303.58/370) ≈ -89 J/K
omi: 8360 ln(303.58/300) ≈ +99 J/K
```

Tó o bá rò ó pọ̀, ó ku +10 J/K.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe ni pé wọ́n á fi °C sínú fọ́múlà, Kẹ́lífíìnì ni kó o lò o, kó o kọ́kọ́ fi 273 kún un. A gbà pé korobá ò fa ooru kankan níbí o, tí irin bá sì gbóná débi pé omi ń hó di gáàsì, ìṣirò yẹn yàtọ̀, ṣùgbọ́n èsì á ṣì ju òdo lọ.