Bí àgbà méjì bá takora nínú ìpàdé, kí ni akọ̀wé yóò kọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mí. Àgbà méjì sọ̀rọ̀ síra wọn gidigidi nínú ìpàdé wa tó kọjá, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ké e kúrú tí ẹnikẹ́ni kò fi ní sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹnì kejì?

Ìdáhùn: Ohun tí ìpàdé ṣe ni ẹ ó kọ, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹnu sọ. Irú rẹ̀ dé bá akọ̀wé kan tí a jọ ṣiṣẹ́. Òrùlé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn ń jò. Bàbá kan ní kí wọ́n yọ owó àkójọ kí wọ́n tún un ṣe, èkejì ní ó di ẹ̀yìn àyẹ̀wò ìwé owó. Ni ìjà bá dé. "Ẹ̀ ń ṣọ́ owó bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan lẹ dá a." "Ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣù ẹgbẹ́ kò lẹ́nu láti kọ́ mi bí a ṣe ń náwó."

Akọ̀wé yìí kọ́kọ́ gbọ́ ọ dópin láìmú kálàmù. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ló wá ń kọ ìṣẹ́jú tí àbá, ìdí àti ìpinnu ti wáyé. Díẹ̀ ló kù kí ìpinnu gan-an fò ó, nítorí ẹ̀yìn ariwo ni alága fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Ẹ tẹ́tí sí ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹnì kan bá sì mi orí láìfọhùn, ẹ̀rọ kò gbà á sílẹ̀. Alága ni kí ẹ bi.

Ohun tó kọ nìyí, àmọ́ orúkọ wọn gan-an ló kọ síbi tí mo pe "Bàbá àkọ́kọ́" àti "Bàbá kejì": "Bàbá àkọ́kọ́ dábàá pé kí a fi owó àkójọ tún òrùlé ṣe báyìí, nítorí omi ti ń kan wáyà iná. Bàbá kejì tako ó, nítorí a kò tíì mọ iye tó kù lápò. Àwọn méjèèjì gbà pé òrùlé ń jò. Alága ní ọ̀rọ̀ owó oṣù kò sí nínú ètò ìpàdé yìí. Ìpàdé pinnu pé kí akápò mú iye tí àtúnṣe náà yóò ná wá sí ìpàdé tó ń bọ̀."

Ẹ wò ó pé èébú kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ alága wà. Ìdí tó lágbára jù lọ ló fún bàbá kọ̀ọ̀kan, kò fi gígùn ọ̀rọ̀ wọn díwọ̀n. "Ó dábàá", "ó ní", "ó tako" tó. Ẹ má kọ "ó jágbe".

Kí alága kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí àwọn bàbá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìṣẹ́jú yẹn kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ohun tó wù ú kó ti sọ ló fẹ́ fi kún un, ìpàdé tó ń bọ̀ ni yóò ti sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má pa ohùn náà rẹ́ kí ìpàdé tó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀.