Ímójì àti kọsítọ́mà tínú ń bí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo máa ń dá kọsítọ́mà lóhùn lórí Wọsáàpù fún ọ̀gá mi tó ń ta léèsì n'Íbàdàn. Tínú bá ń bí kọsítọ́mà, mo máa ń fi 😊 àti 🙏 sí i kó lè mọ̀ pé mi ò bá a jà, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá kan bi mí pé ṣé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀gá mi ní kí n má lo ímójì mọ́ rárá. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Ọ̀gá ẹ ò jẹ̀bi tán, ìwọ náà ò sì jẹ̀bi tán. Ibi tó o ti ṣì í ni pé o jẹ́ kí ímójì ṣáájú ọ̀rọ̀. Kọsítọ́mà ò tíì gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sí wàhálà ẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rí, kí lo wá fẹ́ kó rò?

Àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Li, Chan àti Kim, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2019 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé tí òṣìṣẹ́ bá fi àmì ẹ̀rín sí mẹ́sééjì, kọsítọ́mà máa ń kà á sí ọlọ́yàyà, àmọ́ ó tún máa ń kà á sí ẹni tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọṣẹ́. Ìyẹn nígbà tí kò tíì sí wàhálà o. Tí nǹkan bá ti wá bàjẹ́, ọ̀yàyà yẹn ò ní gbé e mọ́, àìmọṣẹ́ nìkan ló máa kù lójú kọsítọ́mà. Tó bá sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ṣe ju ohun tí wọ́n ń retí lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà pátá, wọ́n á rí ọ̀yàyà, wọn ò sì ní rí àìmọṣẹ́ kankan. Nígbà tí mo kà á, mo ní ohun tójú mi ti ń rí nídìí iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyí. Ẹni tówó ẹ̀ há síbì kan kì í wá ọ̀rẹ́ nígbà yẹn, ẹni tó máa bá a yọ ọ́ ló ń wá.

Ká mú ti léèsì tiyín. Ká ní màmá kan ra yáàdì márùn-ún, aláwọ̀ àlùkò, ₦65,000, aṣọ ẹbí ni, pátì jẹ́ Sátidé, télọ̀ ẹ̀ sì ti sọ pé tóun ò bá rí aṣọ gbà kí Wẹ́sìdé tó parí òun ò ní lè rán an. Túsìdé lágogo méjìlá ọ̀sán ó tú ọ̀rá, ó bá wáìnì níbẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sí yín pé:

"Àlùkò ni mo ra, wáìnì lẹ gbé wá. Sátidé ni pátì. Kí lèyí?"

Rípláì tí mo mọ̀ pé o máa fi ránṣẹ́ (má bínú, èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí) ni: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà 😊 ẹ má bínú 🙏🙏🙏 a máa yanjú ẹ̀ láìpẹ́ ❤️". Wò ó dáadáa. Kò sí àlùkò níbẹ̀, kò sí Sátidé níbẹ̀, "láìpẹ́" yẹn lè jẹ́ òní, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ímójì márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ò sí. Lójú màmá yẹn, o ò ka mẹ́sééjì òun, o kàn rẹ́rìn-ín sóun ni. Ká tiẹ̀ yọ 😊 yẹn kúrò, rípláì náà ò tíì dáa.

Èyí tí èmi ì bá kọ rèé:

"Ẹ má bínú mà, àwa la ṣe àṣìṣe. Wáìnì la dì, àlùkò lẹ ra. Àlùkò yín wà nílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo máa ya fọ́tò ẹ̀ sí yín ká tó dì í. Ráídà máa gbéra níbí lágogo méjì, á gbé e fún yín, á sì gba wáìnì yẹn padà. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e."

Kò sí ímójì kankan níbẹ̀, àmọ́ kò le rárá létí, torí "ẹ má bínú mà" ti wà níbẹ̀, "àwa la ṣe àṣìṣe" sì ń pẹ̀tù sí èèyàn nínú ju ọkàn pupa mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn fi fọ́tò ránṣẹ́, fi nọ́ńbà ráídà ránṣẹ́, kó o sì dúró. Tó bá di aago mẹ́ta ààbọ̀ tó wá kọ "Ó ti dé. Ẹ ṣeun", ìgbà yẹn lo lè kọ "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní sùúrù fún wa mà 🙏", ẹyọ kan ṣoṣo, ó máa dùn mọ́ ọn, torí ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí ti ṣẹlẹ̀. Tó bá wá fi fọ́tò ara ẹ̀ nínú léèsì náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú 😍, ẹ tú 😍 tiyín náà síta, kò séwu níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo máa ń wò kí n tó tẹ ímójì kankan nìyẹn: ṣé nǹkan ṣì há? Tówó bá ṣì há, tí ọjọ́ bá ṣì ń lé e, tàbí tó bá jẹ́ pé ẹ tàbùkù ẹ̀ (ẹ pè é lólè pé kò sanwó nígbà tó ti san, irú ìyẹn), má fi nǹkan kan sí i. Tó bá jẹ́ nǹkan kékeré tí ò dá a dúró, bíi pé ráídà pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú torí gọ̀ọ́ṣílóò tí kọsítọ́mà náà ń bínú díẹ̀díẹ̀, ímójì kan lè rọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́rùn, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ ti jọ ń ṣe. Tó bá jẹ́ aṣọ òkú ló ń rà, kódà tí ẹ ò bá ṣẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́ kọ ọ́ lọ́rọ̀, "ẹ kú ara fẹ́ra kù", kó o sì fi ímójì sílẹ̀.

Mo tún rò pé Yorùbá ti fún wa ní ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá ímójì fún. Ẹni tó ń retí ẹrù, "ẹ kú ojú lọ́nà mà". Ẹni tó ti fi wákàtí kan dúró de ìdáhùn yín, "ẹ kú ìdúró, ẹ kú sùúrù". Ó fi hàn pé o mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí gan-an, 😔 ò lè sọ ìyẹn torí ojú kan náà ló ń kọ́ sí gbogbo ọ̀rọ̀.

Ní ti 🙏, mi ò bá ọ̀gá ẹ lọ níbẹ̀. Láàárín tiwa ẹ̀bẹ̀ là ń kà á sí, òun ló sún mọ́ ìkúnlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, mi ò tíì rí àgbàlagbà tó bínú torí ẹyọ kan tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó kún. Àmọ́ tó bá di mẹ́rin márùn-ún, ó ti dà bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ tó ń dìde tó tún ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí ò sì sọ ohun tó gbé e wá, kọsítọ́mà á kàn rò pé ẹ ò ní àlùkò nílẹ̀ ni.

😅 lèmi máa ń sá fún jù. Ìwọ tó tẹ̀ ẹ́, òógùn iwájú orí yẹn lò ń rò, pé ojú ń tì ẹ́, àmọ́ lórí fóònù kékeré eyín nìkan ni kọsítọ́mà máa rí. 😭 náà, àwọn ọ̀dọ́ ti fi ń rẹ́rìn-ín báyìí. 🙂 tún wá burú ní tiẹ̀ torí ọjọ́ orí: màmá ẹni ọgọ́ta ọdún lè fi ránṣẹ́ tinútinú, ọmọ ọdún méjìlélógún tó bá rí i á ní ìwọ̀sí ló dé. Má sì tan ara ẹ pé ohun tí kọsítọ́mà bá lò ni kó o dá padà fún un o. Ẹni tó kọ "Ẹ ti jẹ owó mi gbé 😂😂" kò rẹ́rìn-ín rárá, tó o bá fi 😂 dá a lóhùn ilé ti jó nìyẹn.

👍 yàtọ̀ ní tiẹ̀, torí àdéhùn ni. Àgbẹ̀ kan wà ní Saskatchewan ní Kánádà tí oníṣòwò kan tó fẹ́ ra irè oko lọ́wọ́ ẹ̀ fi fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí lórí fóònù ní 2021, ó fi 👍 dá a lóhùn. Nígbà tí kò kó ẹrù náà wá, ó ní òun kàn fi sọ pé òun rí mẹ́sééjì náà ni, àmọ́ ní 2023 adájọ́ ní ó ti gbà nìyẹn, ó sì ní kó san lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Òfin tibẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe tiwa, àmọ́ kọsítọ́mà tó kọ "kẹ́ ẹ dá owó mi padà kó tó di Fúráìdè" tó wá rí 👍 lábẹ́ ẹ̀, ó máa gbà pé ẹ ti jẹ́ hẹ́ẹ̀.

Ti ríákíṣọ̀n náà rèé, èyí téèyàn máa tẹ mẹ́sééjì mọ́lẹ̀ kó tó jáde. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, mo fẹ́ fi 🙏 sí mẹ́sééjì bàbá kan tówó ẹ̀ ò tíì padà, ọwọ́ mi yọ̀, 😂 ni mo tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ó kúrò, àmọ́ bàbá ti rí i, fóònù ló fi pè wá, ohùn ẹ̀ kan gbogbo ọ́fíìsì lára. Látìgbà yẹn mi ò fi ríákíṣọ̀n sí ìráhùn ẹnikẹ́ni mọ́, mo máa ń kọ ọ́ ni.

Èyí tó ṣeé ṣe kó o má tíì yẹ̀ wò ni ímójì tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀. Wọ WhatsApp Business yín, lọ sí Business tools, ṣí Greeting message. Mẹ́sééjì yẹn máa ń lọ fúnra ẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀wé sí yín fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí ẹni tẹ́ ẹ ò jọ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Kọsítọ́mà tó ra léèsì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ tó ṣí, tó wá kọ ìbínú ránṣẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni "Ẹ káàbọ̀ o! 🎉😍 Ẹ wo àwọn ọjà tuntun wa". Yí i sí "Ẹ kú déédéé ìwòyí o, a ti rí mẹ́sééjì yín, a máa dá yín lóhùn kó tó di wákàtí kan", tó bá jẹ́ pé ẹ lè ṣe wákàtí kan lóòótọ́. Lẹ́yìn náà lọ sí Quick replies, gbogbo èyí tẹ́ ẹ fi pa mọ́ tó ní "ẹ má bínú" nínú, yọ ímójì kúrò nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá nílò ẹ̀, fọwọ́ ara ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó o bá ti ka ohun tí kọsítọ́mà kọ tán.