Ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan

"Ọ̀gá mi á ní iṣẹ́ mi 'kò tíì gún,' kò sì ní sọ ibi tó kù sí. Tí mo bá tún un ṣe tán, ó ti ń fẹ́ nǹkan mìíràn. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa kà á, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ fi ìmeèlì kúkurú sọ ohun tí ẹ gbọ́ àti ọjọ́ tí ẹ máa parí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá mi kan dá ìròyìn ọjà oṣooṣù padà fún mi pé kò "lágbára." Ìgbà tí mo béèrè ìbéèrè yìí ni mo tó mọ̀ pé ìdí tí ọjà fi lọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka kan ni ọ̀gá tirẹ̀ ń wá, nígbà tí èmi ń to iye owó kún ojú ìwé mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, ojú ìwé kan ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn án, kí n tó kọ ìyókù.

Bí ó bá tún yí i padà, ẹ má jiyàn, ẹ kọ ọ́ pé: "Mo lè fi èyí kún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì yóò di ọjọ́ Ajé, àbí kí n yọ ìpín kejì kúrò?"

Ọ̀gá tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Èyí tó bá ń sẹ́ ohun tó ti fọwọ́ sí, tó sì ń fi í dín máàkì yín kù nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún, ẹ to àwọn ìmeèlì náà bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀lé ara, kí ẹ kó wọn lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́.