Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ̀ yín rí

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ lẹ́tà sí onímọ̀ iṣẹ́ oko mẹ́ta, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wádìí nípa wọn, kí n wá ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti pàdé. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é gan-an?"

Ọ̀kun o, àbúrò. Kábà ni mo ń gbé, oko kájú mi sì wà lọ́nà Ìyàrá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì ń tì mí lójú títí di òní. Mo yin ọ̀jọ̀gbọ́n kan fún iṣẹ́ ìwádìí tí mo rí lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí Google Scholar, mo sì fi kún un pé orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Okun bíi tèmi ni. Ìlà méjì péré ni èsì rẹ̀: ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ló kọ iṣẹ́ yẹn, òun kò sì tíì dé ilẹ̀ wa rí. Ojú ewé yẹn máa ń kó iṣẹ́ àwọn tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan pọ̀ nígbà mìíràn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ṣí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí n wo ibi iṣẹ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé àti àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́, kí n sì fi wọ́n wé ohun tó wà lójú ewé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló yọrí sí rere. Kòkòrò kan ń dààmú wa, abìwo gígùn tó máa ń fi ẹnu gé ẹ̀ka kájú yípo bí ẹni fi ayùn gé e, títí ẹ̀ka yóò fi kú tí yóò sì ṣẹ́. *Analeptes trifasciata*, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ni mo tẹ̀ sórí ẹ̀rọ láti wá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo rí ẹnì kan, n kò ka gbogbo ìwé rẹ̀, nítorí èyí tó ti pẹ́ lè má bá èrò rẹ̀ ìsinsìnyí mu mọ́. Mo ka ọ̀kan nínú àwọn tuntun, pàápàá ibi tó ti ṣàlàyé bó ṣe ṣe iṣẹ́ náà àti ibi tó ti sọ ohun tí kò tíì yé e. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọ̀rọ̀ kan tó sọ lórí YouTube. Ìparí rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ́tí sí jù, nígbà tí àwọn olùgbọ́ ń béèrè ìbéèrè, nítorí ibẹ̀ ni onímọ̀ ti máa ń gbà pé ibì kan kù díẹ̀ káàtó. Ẹnì kan bi í bóyá igi àràbà tó wà nítòsí, tí kòkòrò náà tún ń jẹ, máa ń mú kí kájú jìyà sí i. Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí oko tí wọ́n ti ka ẹ̀ka.

Àràbà ńlá kan wà létí oko mi! Mo ka ẹ̀ka tí kòkòrò gé sílẹ̀ nídìí igi kájú 20 tó sún mọ́ ọn, mo rí 17. Nídìí 20 tó jìnnà sí i, mo rí 4. Ohun tí mo kọ sí i kò ju èyí lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo gbọ́ èsì tí ẹ fún ẹni tó béèrè nípa àràbà. Mo ka ẹ̀ka nínú oko mi lọ́nà Ìyàrá, iye rẹ̀ rèé. Ṣé kí n sun àwọn ẹ̀ka náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí ohun kan wà tí ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ wò?"

Ẹ kíyè sí i pé n kò yìn ín rárá. Bí mo ṣe ń yẹ lẹ́tà mi wò ni pé mo máa ń fi orúkọ onímọ̀ mìíràn rọ́pò tirẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá ṣì bá onítọ̀hún mu, a jẹ́ pé n kò tíì rí ibi tí a ti pàdé. Mo tún máa ń bi ara mi bóyá mo lè dáhùn tó bá bi mí ní ìbéèrè kan sí i. Ọmọ ìlú kan náà tàbí ilé ìwé kan náà kì í yege ìdánwò yìí, bó tilẹ̀ dùn ún gbọ́ létí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Nínú àwọn ohun tó ń gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára, mo rí àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó wù mí kí n bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n àjèjì tó bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò dà bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó bá sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń mú.

Ní ọjọ́ kẹta, ó dá mi lóhùn. Ó ní kí n sun wọ́n, nítorí inú ẹ̀ka tó já bọ́ yẹn ni ẹyin àti ìdin wà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó níbi tí kòkòrò ti gé e. Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò wa, mo sì padà sí oko lọ́jọ́ náà.