Má so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹja tí kámẹ́rà kò tíì rí

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà sórí àwòrán nínú fíìmù ẹja odò Wẹ̀mẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Wọn ò tíì ya ju ìdajì àwòrán náà lọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ kó gùn tó?"

Àbúrò, gígùn kọ́ ló máa fìyà jẹ ọ́. Oríṣi gbólóhùn méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń sọ ohun tí ẹja máa ń ṣe lọ́dọọdún, bóyá ẹnìkan wò ó tàbí kò wò ó. Èkejì ń sọ pé "ẹ wò ó, òun nìyẹn". O lè kọ ti àkọ́kọ́ lónìí. Má parí èkejì títí àwòrán yóò fi dé ọwọ́ ẹ.

Nígbà tí a ṣe tiwa ní Ṣábẹ̀, àwọn tó gbé owó sílẹ̀ rán ọ̀mọ̀wé kan sí wa. Ó ní dandan ni kí a kọ ọ́ pé: "Ìyá ẹpìyà kó ẹyin rẹ̀ sẹ́nu, kò sì jẹun títí ọmọ fi yọ." Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹpìyà odò, èyí tó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lóòró lára ìrù. Abo ló ń kó ẹyin sẹ́nu nínú tiwọn, akọ á sì ti wá abo mìíràn lọ. Mo ní kí a dúró de àwòrán. Ó ní inú ìwé ni òun ti rí i, pé kí n má bá òun jiyàn. Wọ́n pe ẹni tó máa kà á, ó kà á, wọ́n sanwó fún un.

Odò wá dọ̀tí. Omi Wẹ̀mẹ̀ nígbà ìkún kì í jẹ́ kí kámẹ́rà rí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ nìkan ni. Àwọn ayàwòrán bá gba ọ̀sà Àjàṣẹ́ lọ, wọ́n ra ẹpìyà tí ẹnu rẹ̀ wú lọ́wọ́ apẹja, wọ́n fi í sínú àpótí gíláàsì létí omi. Àwòrán náà dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹpìyà ọ̀sà ni, èyí tó lè gbé inú omi oníyọ̀ díẹ̀, tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú, tí kò sì ní ilà wọ̀nyẹn ní ìrù. Nínú tiwọn, bàbá ló ń gbé ẹyin sẹ́nu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a fi fíìmù náà hàn ní Àjàṣẹ́, apẹja àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá ọmọ lẹ ń pè ní ìyá yìí." Ọ̀mọ̀wé wa ní apẹja kì í ṣe onímọ̀. Ó ṣáà wò ó fúnra rẹ̀ nígbà tó yá, ó dákẹ́, kò sì dá kọ́bọ̀ sí i nígbà tí a tún pe ẹni tó ń kà á padà.

Nítorí náà, "òbí" ni kí o kọ báyìí, kí o sì fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: wo ìrù, wo abẹ́ àgbọ̀n. Bó bá sì jẹ́ inú gíláàsì ni wọ́n ti yà á, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ sọ pé ìsàlẹ̀ odò nìyí.

Ti àrọ̀ náà ń bọ̀. Ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ló máa ń jáde lóru lọ yé ẹyin sínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Iléeṣẹ́ kan mú ìwé àṣẹ wa jókòó títí ìkún fi kọjá, a ò sì rí i yà. Ọ̀kan nínú wọn tún fẹ́ kí a fi ìdúpẹ́ fún ọ̀gá òun sáàárín ọ̀rọ̀ ẹja! Kọ ìkún omi sí abala tirẹ̀, tí o lè yọ kúrò láìjẹ́ pé èyí tó tẹ̀ lé e wó. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "lẹ́yìn náà" kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé abala bẹ́ẹ̀.

O béèrè gígùn. Pín ìwé sí méjì, àwòrán lápá kan, ọ̀rọ̀ lápá kejì, ìyẹn ò ṣòro. Kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù, kà á bí ẹni ń sọ̀tàn, má sáré. Bí àwòrán bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30, èmi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ, ìyókù ti omi àti ẹyẹ ni. Fún èyí tí wọn ò tíì yà, kọ oríṣi méjì: gígùn kan, àti gbólóhùn kan ṣoṣo tó lè dá dúró. Má jẹ́ kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó gé àwòrán tán, ohun yòówù kí wọ́n sọ nípa owó tó ń lọ.